Làpálàpá orí tí wọ́n ń tọ́jú bíi dándírọ́ọ̀fù: àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ọmọ ilé ìwé kan

Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 7 ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Kíláàsì kejì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà ní ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ kílò 22. Òun, àwọn òbí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 16 àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 4 ni wọ́n jọ ń gbé inú yàrá méjì, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ ń sùn sórí ẹní kan. Nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un wá sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n ti ń tọ́jú orí rẹ̀ nílé fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin, ohun tó sì wà lórí náà ń fẹ̀ sí i ni. Mo yọ orúkọ àti gbogbo ohun tí ènìyàn lè fi dá ìdílé náà mọ̀ kúrò.

Gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ròyìn rẹ̀, lẹ́yìn tí ọmọ náà gẹrun láti wọlé sáà tuntun ni òun kọ́kọ́ rí ojú ibì kan tó funfun ní ìpàkọ́ rẹ̀. Kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ ní fífẹ̀, ó gbẹ, ó ń ṣí ìpẹ́pẹ́, ọmọ náà sì máa ń họ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá náà kò bẹ̀rù, nítorí pé ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ti ní ìpẹ́pẹ́ orí, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní dándírọ́ọ̀fù, láti bí ọdún kan sẹ́yìn. Ṣàm̀púù tí wọ́n fi kẹtokónásóòlù ṣe ni ọmọbìnrin náà ń lò, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún un dáadáa. Ohun tó wá yé gbogbo ilé ni pé àìsàn kan náà ló ti ràn dé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin. Onídìrí àdúgbò tí wọ́n fi hàn náà sọ pé dándírọ́ọ̀fù ni, pé kí wọ́n máa fi ṣàm̀púù yẹn fọ orí rẹ̀, kí wọ́n sì máa fi àdí àgbọn pa á.

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, funfun náà dín kù débi pé ìyá náà rò pé ó ti tán. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ dojú rú nìyí, ó sì yẹ kí a dúró lé e lórí. Ṣàm̀púù yẹn máa ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì tó wà lójú awọ orí, ó sì máa ń fọ ìpẹ́pẹ́ dànù, òróró sì máa ń mú kí ìpẹ́pẹ́ tó kù lẹ̀ mọ́ awọ tí ojú kò fi ní rí i mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ làpálàpá ló wà lórí, inú òwú irun fúnra rẹ̀ àti ihò tí irun ti ń hù jáde ni fọ́ńgọ́ọ̀sì náà ń gbé, ohun tí a sì fi ń fọ orí tàbí tí a fi ń pa orí kì í dé ibẹ̀. Nítorí náà, pé ìpẹ́pẹ́ dín kù kò fi hàn pé àìsàn ń lọ. Nígbà tí wọ́n dẹwọ́ nínú lílo ṣàm̀púù, ojú kan ti di méjì.

Ìgbà yìí ni wọ́n lọ sí kẹ́mísì. Wọ́n ta kíríìmù kan fún wọn tí oògùn mẹ́ta wà nínú rẹ̀: ọ̀kan fún fọ́ńgọ́ọ̀sì, ọ̀kan fún bakitéríà, ìkẹta sì jẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀ìdì líle. Irú kíríìmù bẹ́ẹ̀ kún ọjà wa, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ara yíyún máa ń dúró ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Sítẹ́rọ́ọ̀ìdì inú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń pa ẹnu ìjà tí ara ń bá fọ́ńgọ́ọ̀sì jà mọ́, ara yíyún yóò lọ, pípọ́n yóò lọ, etí ojú àpá náà tó yẹ kó ga díẹ̀ kí ó sì hàn gbangba yóò wọlẹ̀, fọ́ńgọ́ọ̀sì yóò sì máa tàn ká láìsí ẹni tó ń dá a dúró. Nígbà tí ọmọ náà fi dé ọ̀dọ̀ wa, ojú mẹ́ta ló ti wà lórí rẹ̀, èyí tó tóbi jù sì ti fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún.

Ìyá náà bi mí léèrè pé, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ohun tó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sàn kò fi ran òun lọ́wọ́?” Ìbéèrè yẹn gan-an ló tọ́ka ọ̀nà. Mo ní kí ó mú ẹ̀gbọ́n náà wá, a sì mú àwọn méjèèjì jókòó sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti ń wọlé, kí a lè yẹ orí wọn wò pọ̀.

Ní orí ọmọbìnrin náà, ìpẹ́pẹ́ wà káàkiri, kò sì sí ibì kan tí a lè na ọwọ́ sí pé ibí ló ti bẹ̀rẹ̀, ibí ló parí sí. Ìpẹ́pẹ́ náà kéré, ó ní òróró díẹ̀ lára, bí a bá sì ti ya irun náà pẹ̀lú ìyàrun, yóò já bọ́ sí èjìká rẹ̀. Irú rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ àti láàárín ìpéǹpéjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n irun rẹ̀ pé. Mo fa díẹ̀ wò níbi tí ìpẹ́pẹ́ pọ̀ sí, kò ṣẹ́, kò sì fà tu lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fọwọ́ wá ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ àti ẹ̀yìn etí rẹ̀, kò sí kókó kankan níbẹ̀.

Ti ọmọkùnrin náà yàtọ̀ pátápátá. Ojú mẹ́ta tó wà lórí rẹ̀ ní ààlà, awọ orí tó wà láàárín wọn sì mọ́. Nínú ojú kọ̀ọ̀kan, irun ti fọ́nká, èyí tó kù kò dán mọ́, ó ti di eérú díẹ̀, gígùn wọn kò sì dọ́gba. Nígbà tí mo fi òwú tútù nu àdí kúrò tí mo sì wò ó súnmọ́, mo rí àwọn àmì dúdú wẹ́wẹ́ tó wà láàárín ìpẹ́pẹ́ funfun, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ẹnu bírò kan ìwé ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Irun tó ṣẹ́ dọ́gba pẹ̀lú awọ orí ni, ìdí rẹ̀ ló kù nínú ihò. Ní ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ lápá òkè, lábẹ́ ìpàkọ́, kókó méjì wà tó ń yọ̀ lábẹ́ ìka, ọ̀kan sì wà lẹ́yìn etí ọ̀tún. Wọn kò dùn ún.

Irun tó ń ṣẹ́, àmì dúdú, àti kókó ẹ̀yìn ọrùn: bí ìpẹ́pẹ́ bá wà lórí ọmọ tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí sì bá a rìn, ó ṣòro kí ó jẹ́ ohun mìíràn yàtọ̀ sí làpálàpá. Dándírọ́ọ̀fù kì í ṣẹ́ irun, kì í sì í mú kí kókó wú.

Ọjọ́ orí ọmọ náà pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn kì í sábà gbọ́ ohun tó ń sọ. Fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń dá dándírọ́ọ̀fù sílẹ̀ wà lára gbogbo wa, òróró tí awọ orí ń sun ló sì ń jẹ. Ọmọ ìkókó máa ń ní òróró yìí fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, ìdí sì nìyẹn tí èépá fi ń bo àtàrí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, òróró náà yóò dín kù gan-an títí di ìgbà ìbàlágà. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 16 ti wọ ìgbà ìbàlágà, dándírọ́ọ̀fù bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Ọmọ ọdún 7 wà láàárín àkókò tí dándírọ́ọ̀fù tòótọ́ ṣọ̀wọ́n. Làpálàpá orí ní tirẹ̀, àárín ọmọ ọdún 3 sí ọdún 10 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ti ń pọ̀ jù. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá ń ṣí ìpẹ́pẹ́ lórí, kí a kọ́kọ́ kà á sí làpálàpá títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kì í ṣe òun.

Mo fi etí bíléèdì tuntun ha ìpẹ́pẹ́ láti etí ojú àpá, mo sì fi bírọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun fá àárín rẹ̀ kí àwọn kùkùté irun dúdú náà lè jáde, nítorí pé irun gígùn tó ń dán kò wúlò fún àyẹ̀wò yìí. Inú bébà tó gbẹ ni a dì í sí, a kò fi sínú ọ̀rá, nítorí pé ọ̀rinrin inú ọ̀rá máa ń jẹ́ kí bakitéríà bo gbogbo rẹ̀. Ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí, wọ́n fi omi kẹ́míkà tó ń yọ́ èépá sí i, wọ́n sì wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Fọ́ńgọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀. Wọn kò ní ohun èlò láti gbìn ín kí ó hù kí a lè mọ irú rẹ̀ pàtó, ìyẹn sì lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin níbi tí ó bá ti wà. A kò dúró dè é.

Oògùn jíjẹ ni làpálàpá orí ń fẹ́, nítorí pé láti inú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn ti lè wọ inú irun tó ń hù lọ́wọ́. Méjì ni dókítà wa gbé yẹ̀ wò. Tábínáfíìnì kì í gba àkókò púpọ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó sì lágbára gan-an lórí ẹ̀yà fọ́ńgọ́ọ̀sì tí ń gbé inú irun, ṣùgbọ́n kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀yà kejì tí ń gbé ara irun lóde. Gírísíófúlífíìnì ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì. Níwọ̀n bí a kò ti mọ irú èyí tó wà lórí ọmọ náà dájú, gírísíófúlífíìnì ló yàn. Mílígíráàmù 20 sí 25 fún kílò kan ní ojúmọ́ ni ìwọ̀n rẹ̀ fún ọmọdé, fún kílò 22 ìyẹn sì já sí mílígíráàmù 440 sí 550, a sì fún un ní hóró kan tó jẹ́ mílígíráàmù 500 lójúmọ́. A ti kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ti ní àìsàn ẹ̀dọ̀ rí, ìyá rẹ̀ sì sọ pé rárá.

Ohun kan wà tí a kì í sábà sọ fún àwọn ìyá, tó sì máa ń ba iṣẹ́ oògùn yìí jẹ́. Ara kì í gba gírísíófúlífíìnì dáadáa bí kò bá sí ọ̀rá nínú oúnjẹ tó bá a lọ. Bí ọmọ bá gbé e mì pẹ̀lú ẹ̀kọ lásán láàárọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò bá ìgbẹ́ jáde. A bá ìyá náà jókòó, a wo ohun tí ọmọ náà ń jẹ, a sì gbé oògùn náà sí oúnjẹ alẹ́, lẹ́yìn ìrẹsì tàbí àmàlà pẹ̀lú ọbẹ̀ tó ní epo dáadáa. Ọjọ́ tí kò bá sí ìyẹn, ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan yóò tó. A ní kí wọ́n pa kíríìmù yẹn tì pátápátá. Ṣàm̀púù ni a kò pa tì, ṣùgbọ́n a sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún wọn báyìí: kí gbogbo ilé máa fi fọ orí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ó wà lórí fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó ṣàn án, kì í ṣe láti wo ọmọ náà sàn, bí kò ṣe láti dín èso fọ́ńgọ́ọ̀sì tí ń ràn kù.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá náà padà wá pẹ̀lú ojú tó le. Ara ọmọ ti sú. Róro kéékèèké tó ń yún ti yọ sí etí rẹ̀, ọrùn àti òkè ẹ̀yìn rẹ̀, aládùúgbò kan sì ti sọ fún un pé oògùn ni kò bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà mu. Ó ti dá oògùn dúró fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ibí yìí ni ìtọ́jú náà ì bá ti dà rú. Nígbà tí oògùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa fọ́ńgọ́ọ̀sì, ara ọmọ mìíràn máa ń ta kìjí sí òkú fọ́ńgọ́ọ̀sì náà, róro yóò sì yọ níbi tí fọ́ńgọ́ọ̀sì kò sí rárá, pàápàá ní etí, ọrùn àti àyà. Ó ń fi hàn pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá láìyẹ ọmọ wò, nítorí pé oògùn náà lè kọ ara lóòótọ́. Mo wo ètè àti inú ẹnu rẹ̀, kò wú, kò sì sí egbò. Ojú rẹ̀ kò pọ́n. Kò ní ibà, ó ń jẹun, ó sì ń ṣeré. Róro náà kò di ìlé tó ń yọ tó sì ń padà wọlẹ̀, awọ ara rẹ̀ kò sì bó níbì kankan. Ká ní ọ̀kan nínú wọ̀nyí wà, à bá dá oògùn dúró lójú ẹsẹ̀, à bá sì fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú, ó gbà pé òkú fọ́ńgọ́ọ̀sì ni ara ń bá jà. A fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí ara yún un lóru, a sì ní kí wọ́n máa bá gírísíófúlífíìnì lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, róro náà ti gbẹ.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹrin, irun tuntun ti ń hù nínú ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kókó ọrùn rẹ̀ ti ń kéré, ṣùgbọ́n ojú kékeré tuntun kan ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì. Oògùn kò kùnà. Níbòmíràn ni fọ́ńgọ́ọ̀sì ti ń padà bọ̀. Ìyá náà ti sọ fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kò sí nǹkan kan lórí ọmọ ọdún 4, irun rẹ̀ sì wà ní dídì nígbà náà, ó mọ́, ó sì lẹ́wà. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, a ní kí wọ́n tú u. Lábẹ́ irun dídì náà, ní àtàrí, ojú kan wà tó ní ìpẹ́pẹ́ àti àmì dúdú bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò yún un rárá, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi kíyè sí i. Kílò 15 ni ìwọ̀n rẹ̀, hóró mẹ́ta tó jẹ́ mílígíráàmù 125 ni wọ́n ń lọ̀ fún un lójoojúmọ́, tí wọ́n sì ń pò ó mọ́ ògì tí wọ́n da mílíkì tó ní ọ̀rá sí.

Orísun kejì ni kílípà. Ọmọkùnrin náà ti lọ gẹrun láàárín ìtọ́jú, lọ́dọ̀ báábà kan náà tó ń gẹrun fún ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé àdúgbò. Mo lọ bá a, mo kí i, ó sì gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ń fi òwú tí ó rẹ sínú sípíríìtì nu ojú kílípà lẹ́yìn oníbàárà kọ̀ọ̀kan, kò sì tàn mí jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tú abẹ rẹ̀, irun wẹ́wẹ́ kún àárín rẹ̀. Èso fọ́ńgọ́ọ̀sì tó wà nínú irun bẹ́ẹ̀ lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ oṣù, sípíríìtì tí a fi nu òde kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A jọ sọ ọ́ pé kí ó máa tú abẹ náà, kí ó fi bírọ́ọ̀ṣì gbá irun inú rẹ̀ dànù, kí ó wá rẹ abẹ náà sínú omi apakòkòrò, kí ó tó kan orí ọmọ mìíràn. Ìdílé náà ní tiwọn ra kílípà kékeré tí wọ́n ń lò nílé títí ìtọ́jú fi parí.

Tíṣà ọmọ náà ti ní kí ó jókòó sílé títí orí rẹ̀ yóò fi mọ́. Bí a bá tẹ̀ lé ìyẹn, oṣù méjì ni ì bá pàdánù. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé pé ọmọ tó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn jíjẹ tí wọ́n sì ń fi ṣàm̀púù fọ orí rẹ̀ lè padà sí kíláàsì, ohun tó kù ni kí àwọn ọmọ má ṣe pààrọ̀ fìlà, ìyàrun tàbí ìborùn. Wọ́n gbà á padà. Nínú kíláàsì kan náà, a tún rí ọmọ méjì mìíràn tí wọ́n ń fi àdí pa lórí.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni a tún ha awọ orí ọmọ náà, àyẹ̀wò kò rí fọ́ńgọ́ọ̀sì mọ́. Irun ti bo gbogbo ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyá rẹ̀ ti fẹ́ dá oògùn dúró ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún nítorí pé orí ti ń dára, a sì ní láti bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Àyẹ̀wò ni a fi ń mọ ìgbà tí a ó dá oògùn yìí dúró, ojú lásán kò tó.

Fún àwa tí a ń rí àwọn ọmọ wọ̀nyí lójoojúmọ́, ohun tí mo fà yọ nínú ọ̀rọ̀ yìí kò pọ̀. Kí a nu òróró kúrò lórí kí a tó wò ó. Kí a máa fọwọ́ wá ẹ̀yìn ọrùn, torí pé ìṣẹ́jú kan péré ló ń gbà, ó sì máa ń yanjú iyèméjì tí ìpẹ́pẹ́ nìkan kò lè yanjú. Kí a tú irun àwọn ọmọbìnrin inú ilé kí a tó sọ pé orí wọn mọ́. Bí wọ́n bá ti lo kíríìmù tó ní sítẹ́rọ́ọ̀ìdì, kí a má retí pé a ó rí etí àpá tó ga tó sì pọ́n, irun tó ṣẹ́ ni kí a máa wá.

Ohun tí a bẹ̀rù jù nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yìí kò ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí i lórí ọmọ mìíràn. Làpálàpá lè wú sókè, kí ó rọ̀ lábẹ́ ọwọ́, kí ọyún máa sun láti inú ihò irun, kí ó sì máa dun ọmọ débi pé kò ní lè fi orí lélẹ̀. Ẹni tó bá rí i yóò rò pé eéwo ni, yóò sì fẹ́ fi abẹ là á. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe là á. Oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì jíjẹ náà ni ìtọ́jú rẹ̀, kíákíá, lábẹ́ ojú dókítà, nítorí pé ibi tí wọ́n bá là lórí bẹ́ẹ̀ sábà máa ń di àpá tí irun kì í hù sí mọ́.